Ìlà Tí Itoro Kọ fún Baba Kpamor

Lọ́dọ̀ wa ní Mbaayange, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ọmọnìkejì rẹ̀ nínú orin níwájú àwùjọ, ẹni tí wọ́n dárúkọ á dìde dúró, gbogbo wa á sì dáhùn pé “Een,” èyí tí í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Bí a bá ti dáhùn, ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀rí. Àwọn àgbà ti fi ẹsẹ̀ orin kan parí ẹjọ́ ilẹ̀ rí, ẹni tó pàdánù ilẹ̀ náà kò sì ráhùn, nítorí òun pàápàá wà nínú àwọn tó dáhùn.

Àwọn àgùnbánirọ̀ tí ìjọba ń rán wá sí ilé ẹ̀kọ́ girama wa kì í mọ èyí, kò sì sí ìdí tí a fi ń sọ fún wọn. Bí ọdún ìsìn wọn bá ń parí, wọn a kọ ewì ìdágbére, wọn a kà á, a ó fún wọn ní iṣu àti ewúrẹ́, wọn a sì máa lọ. Ẹ ṣeun, ẹ kú ìtọ́jú, Ọlọ́run á bù kún yín: ibẹ̀ ni ewì wọn máa ń mọ. Kò pa ẹnikẹ́ni lára rí.

Itoro Udoh ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tó mọ ewì í kọ ní tòótọ́.

Ọmọ Ibibio ni, láti ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún, ó sì kàwé gboyè nínú èdè Òyìnbó. Ilé tí ilé ẹ̀kọ́ ń fún àwọn àgùnbánirọ̀ ti wó lọ́dún tó ṣáájú, nítorí náà Baba Kpamor gbà á sí yàrá Saater, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tí ọkọ̀ akẹ́rù tó kó ọsàn pa lórí ọ̀kadà. Ẹ̀gbẹ́ àgbàlá ni wọ́n sin Saater sí, lábẹ́ igi ọsàn tí òun fúnra rẹ̀ gbìn. Baba náà fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí. Nígbà tí ibà dá a gúnlẹ̀, ó gbé e lẹ́yìn lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹní gbé ọmọ ọwọ́. Tí ọmọbìnrin náà bá ń fọ aṣọ àgùnbánirọ̀ rẹ̀, Baba a jókòó tì í, a máa bó ọsàn fún un.

“Àǹtí Kọ́pà, o fọ aṣọ yẹn tán ní àná.”

“Baba, eruku yín kò mọ̀ pé mo fọ̀ ọ́.”

“Eruku wa máa ń kí àlejò. Kì í ṣe àrífín.”

Nígbà tí ó ku bí oṣù kan tí ìsìn rẹ̀ yóò parí, Itoro bẹ̀rẹ̀ ewì náà. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Apá àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọjọ́ tó dé: ìwé ìránniníṣẹ́ lọ́wọ́, àpótí lórí ọ̀kadà, òjò lórí àpótí, ẹkún ní kọ̀rọ̀. Apá kejì jẹ́ ti oúnjẹ àti èdè: bó ṣe kọ́kọ́ sọ pé òun kò lè jẹ iyán láàárọ̀, àti bó ṣe wá ń jẹ ẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Apá kẹta ni ọpẹ́, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà, nítorí ọpẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ipò. Olórí ìlú, tí à ń pè ní Zaki, ló ṣáájú, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìjọ, lẹ́yìn náà ẹni tó gbà á sílé, ìlà méjì-méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Apá kẹrin ni ìtọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ṣẹ̀. Àdúrà ló kẹ́yìn.

Ó gbé e lọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Tarnongo, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí alábòójútó àwọn àgùnbánirọ̀ yóò wá láti ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tarnongo kà á pẹ̀lú bírò pupa.

“Ó dára. Ṣùgbọ́n ilé ìkàwé yìí, kò hàn pé èmi ni mo kọ́ ọ.”

Itoro ló kọ́ ọ. Iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí wọ́n ní kí gbogbo àgùnbánirọ̀ máa ṣe ni. Ó tọrọ ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ, ó tọrọ pákó, òun àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló kan àwọn àpótí ìwé náà.

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é, ọ̀gá,” ó dáhùn.

“Ó yé ẹ. Ẹni tó bá pàṣẹ ló ṣiṣẹ́. Ta ló sì tún kù? Zaki Ugber. O pè é ní olórí rere. Èwo ni rere? Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi ló ń sọ rere. Sọ pé kìnnìún ni. Sọ pé kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlẹ́jọ́.”

Itoro rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ewúrẹ́ tó bá wọ àgbàlá Zaki Ugber kì í padà jáde, ẹni tó mú un wá ni ẹjọ́ sì ń gbè. Ṣùgbọ́n ewì ni, àbí? Ó kọ ọ́. Ó kọ ti ọ̀gá náà pẹ̀lú, pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́ ilé ìkàwé.

Ní ti Baba Kpamor, kò sí ẹni tó sọ ohun tí yóò kọ fún un. Ìlà tirẹ̀ ló fẹ́ kó dára jù lọ, nítorí òun nìkan ni kò purọ́ fún nínú gbogbo rẹ̀, tàbí bẹ́ẹ̀ ló rò. Ó ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, bí ojú bá ti ń mọ́, tí Baba a jókòó sẹ́bàá ibojì, a máa sọ fún Saater pé iṣu ti wọ́n, pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti jí ọsàn ká, pé Àǹtí Kọ́pà kò jẹun dáadáa. Ọkàn Itoro rọ̀ sí èyí. Ó kọ ọ́ báyìí:

*Kpamor, baba tí ilẹ̀ kò lè gba ọmọ mọ́ lọ́wọ́,*
*Ó ń bá Saater sọ̀rọ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́, Saater sì ń dá a lóhùn.*

Kò gbọ́ ìdáhùn kankan rí. Ìlà náà ló kúrú. Ó nílò ohun tí yóò gbé e dé ìparí. Ó tẹ ewì náà ní ìlú ọjà nígbà tó lọ fọwọ́ sí ìwé tí àwọn àgùnbánirọ̀ ń fọwọ́ sí lóṣooṣù, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n sì fi dígí bo ọ̀kan fún Zaki.

Ọjọ́ Sátidé ni ìdágbére, lábẹ́ igi ńlá iwájú ilé Zaki Ugber. Wọ́n fi aṣọ onílà dúdú àti funfun wa bo Itoro léjìká, lórí aṣọ àgùnbánirọ̀ rẹ̀. Alábòójútó jókòó sórí àga onítìmùtìmù. Itoro ń kà á lédè Òyìnbó, Akaahan, olùkọ́ ìjọ wa, sì ń túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. A rẹ́rìn-ín sí ti iyán. Nígbà tó pe Zaki ní kìnnìún tí kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlẹ́jọ́, Zaki dìde, ó tún fìlà ṣe, a sì dáhùn pé “Een,” bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn obìnrin ẹ̀yìn ń fi ẹnu pamọ́ sínú gèlè. Ọ̀gbẹ́ni Tarnongo dìde. “Een.” Akaahan fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ń túmọ̀ ìyìn ara rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú. “Een.”

Baba Kpamor ti dìde kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀ pàápàá. Ó ti wẹ̀, ó ti fá irùngbọ̀n. Akaahan túmọ̀ ìlà àkọ́kọ́. Ó gbọ́ ìkejì lẹ́nu Itoro, ó wo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń túmọ̀ láti òwúrọ̀, ó ti mọ́ ẹnu rẹ̀ lára. Ó túmọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó wà níwájú pariwo pé “Een.” Díẹ̀ nínú àwọn àgbà dáhùn pẹ̀lú wọn kí ọ̀rọ̀ tó yé wọn. Lẹ́yìn náà gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó pa wá lẹ́nu mọ́. Àwọn ará wa gbà pé ohun kan wà tó ń hù lára ọkàn àwọn àgbà kan. *Tsav* là ń pè é. Ẹni tó bá ní in lè fi ọmọ ara rẹ̀ lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n pa á, òkú ọmọ náà a sì di ẹrú rẹ̀, a máa jẹ́ ẹ níṣẹ́, a máa dá a lóhùn. Nígbà tí Saater kú, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹni tó fi í lé wọn lọ́wọ́. Ìjọ dúró ti Kpamor, a gbàdúrà, a kọrin, ọ̀rọ̀ náà sùn. Èmi tí mo gba Kristi gbọ́ kò gbà pé òkú ń ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run ló ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ mi kọ́ ni wọ́n fi ń dájọ́ lábẹ́ igi yẹn.

Orshio, ọmọ àbúrò Kpamor, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ ti wà lára oko ọsàn Baba náà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ó tún un kà.”

Inú Itoro dùn. Ó rò pé ìlà náà ló wù ú. Ó tún un kà.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pe gbogbo ìdílé jọ sí àgbàlá Zaki, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Itoro. Ó ti gbọ́ ohun tí ìlà rẹ̀ dá sílẹ̀ nígbà náà. Akaahan ti lọ ṣàlàyé fún un, ọmọbìnrin náà sì ti sunkún. Ó wọlé wá pẹ̀lú ìpinnu láti tún un ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Tarnongo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Zaki pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan. Ìwé ìjẹ́rìí ìkẹyìn Itoro wà nínú báàgì náà. Bí ọ̀gá kò bá fọwọ́ sí i, alábòójútó kò ní gbà á wọlé. Bí kò bá gbà á wọlé, orúkọ rẹ̀ kò ní sí ní Makurdi lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tí wọn yóò pín ìwé ẹ̀rí ìsìnrú ìlú. Wọ́n lè ní kí ó tún sìn sí i láìgba kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni láìsí ìwé ẹ̀rí yẹn, kò sí ọ́fíìsì ìjọba tí yóò gbà á síṣẹ́, ìyá rẹ̀ sì ti ń sọ fún àdúgbò pé ó ń bọ̀.

“Àǹtí Kọ́pà,” ni Zaki wí, “ìwọ ló kà á. Ṣé o gbọ́ ohùn òkú?”

“Rárá, Zaki. Ewì ni. A máa ń fi kún ọ̀rọ̀ nínú ewì kí ó lè dùn. Baba kàn ń sọ̀rọ̀ nìkan ni, bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn.”

Akaahan mí kanlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀, à bá ti lọ sílé.

“Ó fi kún un,” ni Orshio wí. “Ó dára. Gbogbo wa la dáhùn ‘Een’ sí i. Nítorí náà irọ́ la jẹ́rìí sí. Èwo ló tún fi kún?”

Ìyá arúgbó kan tí ń jẹ́ Mama Wantor, tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, dáhùn láti ẹ̀yìn. “Kó má fi kún ti ewúrẹ́ mi o. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kìnnìún ni ó jẹ ẹ́, àbí ó ń jẹko kiri níbì kan.”

Ẹ̀rín bú. Ó pẹ́ kí ó tó rọlẹ̀. Ẹnì kan tún sọ pé òun fẹ́ rí ọwọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bóyá ó ní àpá ìṣó, àwọn ọmọ kíláàsì Itoro tó wà lórí odi sì rẹ́rìn-ín jù.

Zaki Ugber kò rẹ́rìn-ín. Ewì onídígí náà ti wà lára ògiri rẹ̀. Alábòójútó ti gbọ́ ọ, ó ti mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀.

“Ẹni tó bá pa irọ́ nínú ìlà kan,” ó wí jẹ́jẹ́, “a ó pè é ní onírọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ṣé onírọ́ ni ọ́, ọmọ mi?”

Ọ̀gbẹ́ni Tarnongo tẹ̀ síwájú, ó sọ̀rọ̀ lédè Òyìnbó, kí àwọn tó kù má bàa gbọ́, ṣùgbọ́n Akaahan gbọ́ ọ, òun ló sì sọ fún mi. “Itoro, lo orí rẹ. O ń lọ lọ́la. Àwọn wọ̀nyí kò ní rántí rẹ. Èmi kò lè fọwọ́ síwèé pé onírọ́ ṣe dáadáa ní ilé ẹ̀kọ́ mi.” Ó gbé ọwọ́ lé báàgì náà.

Itoro tọrọ omi. Wọ́n fún un. Ó mu ún tán pátá, ó dá igbá náà padà, ó sì wo ilẹ̀.

“Gbogbo ohun tí mo kà, òótọ́ ni,” ó wí.

“Ti Zaki?”

“Òótọ́ ni.”

“Ti ọ̀gá?”

“Òótọ́ ni.”

“Ti Kpamor?” ni Orshio bèèrè.

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí ó fi ẹnu sọ ọ́. Ó fi ẹnu sọ ọ́.

Baba Kpamor wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà láàárín orúnkún. Ó wá dìde, ó sún mọ́ ọmọbìnrin náà, ojú rẹ̀ sì ti yí padà. Mo rò pé yóò ṣépè. Gbogbo wa la rò bẹ́ẹ̀.

“Ọmọ mi,” ó wí, “kí ni Saater sọ?”

Ó dẹ etí sí i.

“Èmi kò gbọ́ rí. Ọdún méjì ni mo ti ń pè é. Bóyá etí mi ló ti di. Etí tìrẹ ṣì jẹ́ ti ọmọdé. Kí ló sọ?”

Itoro fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Orshio pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. “Ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹnu ara rẹ̀ ni. Ọdún méjì ló ti ń pè é.”

Wọ́n dájọ́ rẹ̀ níbẹ̀ pé kí Kpamor kúrò ní ilẹ̀ ìdílé. Akaahan dìde, ó bẹ̀bẹ̀ títí ó fi rí oore kan gbà: bí Kpamor bá lè búra níwájú ìjọ àti ìdílé lọ́jọ́ Mọ́ńdè pé òun kò gbọ́ ohùn ọmọ òun, pé òkú kò dá òun lóhùn rí, wọn yóò jẹ́ kí ó máa gbé ẹ̀yìn àgbàlá. Ìbúra kan péré. Òótọ́ sì ni yóò búra lé. Akaahan yọ̀ bí ẹni tó rí ìṣúra. A lọ sílé, a gbàdúrà.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí ìdílé tó péjọ, ọ̀kadà wá gbé Itoro. Ìwé rẹ̀ tí ọ̀gá ti fọwọ́ sí wà nínú àpò. Baba Kpamor ló gbé àpótí rẹ̀ dé ojú ọ̀nà. Mo ń bọ̀ láti odò, mo sì gbọ́ wọn.

“O kò tíì dá mi lóhùn,” ni Baba wí.

“Baba, ẹ dárí jì mí.”

“Mo ti dárí jì ọ́. Sọ ohun tó sọ fún mi. Ọ̀rọ̀ kékeré kan náà tó.”

Itoro sunkún. Ọlọ́kadà ń fọn fèrè pé ọ̀nà jìn. Òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, Ọlọ́run sì fún un láyè láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó wo ojú baba náà, àánú ṣe é. Irú àánú bẹ́ẹ̀ máa ń pani.

“Ó ní inú òun dùn sí yín,” ó wí. “Ó ní kí ẹ má sunkún mọ́.”

Baba Kpamor bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpótí lé ọ̀kadà fún un, ó so ó mọ́ra dáadáa, ó fi ọsàn sínú àpò rẹ̀, ó sì súre fún un títí ọ̀kadà fi yí kọ́nà.

Nígbà tí ìdílé péjọ sí àgbàlá Baba Kpamor, Akaahan gbé Ìwé Mímọ́ síwájú rẹ̀.

“Baba, ẹ gbé ọwọ́ lé e. Ẹ sọ pé, ‘Saater kò dá mi lóhùn rí.’ Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

“N kò lè sọ ọ́.”

“Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ lánàá pé ẹ kò gbọ́ rí.”

“Èmi kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ó dá mi lóhùn. Ọmọbìnrin yẹn gbọ́ ọ. Ó ní inú òun dùn sí mi.” Ó wo gbogbo wa, ojú rẹ̀ ń dán. “Akaahan, ṣé kí n wá fi Ìwé Ọlọ́run sọ pé ọmọ mi ò sọ̀rọ̀?”

Akaahan kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. “Ẹ kàn sọ ọ́, Baba. Mo bẹ̀ yín. Ilé yín ni. Ibojì náà wà níbẹ̀.”

“Nítorí ibojì náà ni mi ò ṣe lè sọ ọ́.”

Àwọn ọ̀dọ́ ti gun orí òrùlé kí ó tó sọ ọ́ tán. Wọ́n tú koríko rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdì-ìdì. Wọ́n kó àwọn ìkòkò rẹ̀ síta, wọ́n fọ́ àwọn tí kò wù wọ́n. Orshio ń rìn láàárín àwọn igi ọsàn, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀dọ́ kan fẹ́ gba orí ibojì kọjá, Baba Kpamor nawọ́ dá a dúró.

“Ẹ rọra,” ó wí. “Ẹ má pariwo. Ó lè tún sọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kí n tó lọ.”

Ọ̀dọ́ náà wo Orshio. Orshio ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lọ. Wọ́n fa Baba náà dìde níbi tó ti dẹ orí sílẹ̀, tó fi etí lé erùpẹ̀, wọ́n sì mú un jáde lọ sí ojú ọ̀nà. Ó ń yí orí padà títí, kì í ṣe láti wo ilé. Etí ọ̀tún rẹ̀ ló ń kọ sí ibojì.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, Itoro to síwájú pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Makurdi, ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.